Aago tó ṣàdédé ń sáré: òòfà ni kí o kọ́kọ́ fura sí

*“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúuṣẹ́ o. Mọ́pà ni mo wà, èmi ni mo ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bàbá mi fún mi ní Séíkò Fáìfù rẹ̀, èyí tí kò lo bátìrì. Mo ti lò ó fún ọdún méjì, kò yọ mí lẹ́nu rí. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá sáré lójúmọ́. Ẹnì kan tó ń tún aago ṣe ní òun á ṣí i, òun á fà á sẹ́yìn. Àbúrò mi ní òòfà ló mú un. Ta ni kí n gbà gbọ́? Mi ò wọ̀ ọ́ sún mọ́ òòfà kankan. Bí mo bá fẹ́ tẹ dùùrù gan-an, ṣe ni mo máa ń bọ́ ọ.”*

Ọ̀kun o, àbúrò. Àbúrò rẹ tó ní òòfà ni ló jọ pé ó mọ̀ ọ́n. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí aago yẹn títí wọ́n á fi fi kọ́ńpáàsì yẹ̀ ẹ́ wò.

Gbólóhùn tí o fi parí ọ̀rọ̀ rẹ ni mo dì mú. Bí o bá bọ́ aago náà kí o tó tẹ dùùrù, ibo lo máa ń gbé e sí? Mo ti bá àwọn onídùùrù púpọ̀ pàdé láti Kàbà níbí títí dé Ìsánlú, orí sípíkà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń gbé aago lé, nítorí ó ga, ó sì tẹ́jú. Òòfà ńlá kan sì wà lẹ́yìn ìwé tó ń gbọ̀n nínú sípíkà yẹn. Láìsí òòfà náà, sípíkà kò lè mú ohùn jáde. Pákó tí wọ́n fi kan àpótí rẹ̀ kò sì lè dí agbára òòfà lọ́nà. Wákàtí méjì ìsìn kò tilẹ̀ pọn dandan. Bí aago bá bọ́ sí ibi tí agbára náà ti le, ìṣẹ́jú kan péré ti tó.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ fún ọ, torí bí o bá ti mọ èyí, o kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́. Nínú aago tí kò lo bátìrì, kẹ̀kẹ́ kékeré kan wà tó ń yí lọ, tó ń yí bọ̀, láìsinmi. Òun ló ń ka àkókò. Ohun tó ń dá a padà nígbàkúùgbà tó bá yí lọ ni èyí tí èmi ń pè ní síríǹgì onírun: wáyà pẹlẹbẹ kan tó tín-ín-rín bí irun orí, tí wọ́n ká yípo bí ìkarahun ìgbín. Bí mo bá há gíláàsì sójú tí mo wò ó, ìpo kan kì í fara kan èkejì. Àlàfo tó dọ́gba wà láàárín gbogbo wọn, wáyà náà sì ń mí bí ọmọ tó sùn: ó ń fẹ̀, ó ń sún kì. Èmi fẹ́ràn láti máa wò ó títí di òní.

Gígùn wáyà yẹn ló ń sọ bí aago ṣe máa yára tó. Bí ó bá gùn, ó rọ̀, kẹ̀kẹ́ á máa padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ó bá kúrú, ó le, kẹ̀kẹ́ á sì máa yára padà. Nígbà tí òòfà bá wọ inú wáyà náà, ìpo rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ara wọn mọ́ra, méjì tàbí mẹ́ta á sì máa lẹ̀ pọ̀. Ibi tó bá lẹ̀ pọ̀ kò bá wọn ṣiṣẹ́ mọ́. Ṣe ló dà bíi pé ẹnì kan gé wáyà náà kúrú, bẹ́ẹ̀ kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé sísáré ni aago tí òòfà bá mú sábà máa ń sáré. Èyí tó bá mú gan-an lè fà sẹ́yìn tàbí kó dúró pátápátá, ṣùgbọ́n ìyẹn kò wọ́pọ̀ tó sísáré.

Wo ti aago rẹ. Séíkò Fáìfù tí mo ń rí níbí máa ń lù ní 21,600 ìgbà ní wákàtí kan, ìyẹn ni ìgbà 6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọjọ́ kan ní ìṣẹ́jú àáyá 86,400, nítorí náà ìlù 518,400 ló yẹ kó jáde lójúmọ́. Ìṣẹ́jú 14 tí o sọ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 840, ìyẹn sì jẹ́ ìlù 5,040 tó lé. Bí a bá pín ìlù ọjọ́ kan sí ọgọ́rùn-ún, ìyẹn kò tilẹ̀ pé ìdá kan gan-an. Kí kẹ̀kẹ́ tó lè yára tó bẹ́ẹ̀, bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún gígùn síríǹgì onírun ni kò gbọdọ̀ bá a ṣiṣẹ́ mọ́. O rí i pé kékeré ni ohun tó lẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, wàhálà tó dá sílẹ̀ ló pọ̀. Bí ẹ̀rọ inú rẹ̀ bá jẹ́ 7S26, àwọn tó ṣe é fúnra wọn ka sísáré ìṣẹ́jú àáyá 40 tàbí fífà sẹ́yìn 20 lójúmọ́ sí ohun tó dára. Ogójì àti 840 kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn rárá.

Ohun mìíràn tó jẹ́ kí n fura ni bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Òróró tó gbẹ, ìdọ̀tí, eyín kẹ̀kẹ́ tó jẹ, díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo ìyẹn ń wá. Ọ̀pọ̀ oṣù ni aago á fi máa yí padà kí oníhun tó mọ̀. Òòfà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Aago tó dára lọ́jọ́ Sátidé á bá ọ jí lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá níwájú. Ohun mìíràn tó tún lè ya lù ú lójijì bẹ́ẹ̀ ni kí aago já bọ́ kí ìpo wáyà sì kọ́ ara wọn. O kò sì sọ pé ó já bọ́.

Ó yá, kọ́ńpáàsì. Kékeré tí àwọn ọmọ Sukáòtù ń lò ti tó, olówó pọ́ọ́kú ni. Gbé e sórí tábìlì onígi, kí o gbé fóònù, kọ́kọ́rọ́ àti ọ̀bẹ jìnnà. Jẹ́ kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ dákẹ́ dáadáa kó sì kọjú sí àríwá. Lẹ́yìn náà, fa aago náà bọ̀ láti ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn, kì í ṣe láti àríwá, torí ẹ̀gbẹ́ ni abẹ́rẹ́ ti rọrùn láti yí. Mú un dé ibi tó fi kù bí ìbú ìka kan sí ara wọn. Wàyí o, yí aago náà díẹ̀díẹ̀: kí ẹ̀gbẹ́ 12 kọjú sí kọ́ńpáàsì, kí 3 kọjú sí i, 6, lẹ́yìn náà 9.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Bí orí abẹ́rẹ́ bá kàn ń tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ aago, ìyẹn nìkan kò fi hàn pé òòfà mú un. Irin wà nínú aago, irin tí kò ní òòfà nínú sì máa ń fa abẹ́rẹ́ díẹ̀. Ohun tí o ń wá ni kí ẹ̀gbẹ́ kan fa orí abẹ́rẹ́ náà kí ẹ̀gbẹ́ mìíràn sì lé orí kan náà lọ. Irin lásán kì í lé abẹ́rẹ́. Òòfà nìkan ló ń lé òòfà. Bí o bá tún rí i tí abẹ́rẹ́ ń gbọ̀n wìnnìwìnnì bí kẹ̀kẹ́ inú aago ṣe ń yí, ìyẹn ni pé kẹ̀kẹ́ yẹn tàbí síríǹgì onírun gan-an ló gbé òòfà náà. Má lo kọ́ńpáàsì inú fóònù. Fóònù ní òòfà tirẹ̀ nínú sípíkà rẹ̀, o lè fi ìyẹn kún ìṣòro tí o wá yẹ̀ wò.

Ní ti ẹni tó ní òun á ṣí i kí òun fà á sẹ́yìn, mo mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ọ̀pá kékeré kan wà lórí kẹ̀kẹ́ yẹn tí à ń pè ní régúlétọ̀. Bí a bá tì í síhìn-ín, aago á yára. Bí a bá tì í sọ́hùn-ún, á fà. Fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Bí ó bá fi bo òòfà mọ́lẹ̀, wàhálà méjì ni aago rẹ á ní dípò ọ̀kan. Mo rí irú ẹ̀ dáadáa lára aago ìyá kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìsánlú.

Aago kékeré ni tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí láràárọ̀. Ó fi ń ka ìlù ọkàn àwọn aláìsàn, nítorí náà ó tètè rí i pé nǹkan yí padà. Bí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló ń fi sáré lójúmọ́. Ẹnì kan bá a ti régúlétọ̀ dé ìpẹ̀kun, ó sì sún mọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n kò dúró lójú kan. Ó lè sáré ìṣẹ́jú méjì lónìí, kó sáré ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ́la, nítorí ìpo wáyà náà ń lẹ̀ pọ̀, ó tún ń já ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ó bá ṣe tẹ̀ sí.

Nígbà tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, mo fi sórí ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró aago. Ẹ̀rọ yẹn ní etí kan tó ń di aago mú, ó ń gbọ́ ìlù kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi ìlà fà á sójú rẹ̀. Aago tó péye á fa ìlà tó tẹ́ bí okùn aṣọ. Tirẹ̀ ń gun òkè, àwọn àmì rẹ̀ sì fọ́n ká bí ẹni da ọkà sílẹ̀. Ó kà á pé ó ń fi ìṣẹ́jú àáyá 130 sáré lójúmọ́. Kọ́ńpáàsì sì sọ ìyókù: ẹ̀gbẹ́ 3 fa abẹ́rẹ́, ẹ̀gbẹ́ 9 lé e.

Mi ò tíì ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo kọ́kọ́ yọ òòfà ara rẹ̀, mo tún dá a padà sórí ẹ̀rọ. Ìlà náà tẹ́, ó mọ́, ṣùgbọ́n ó ń lọ sísàlẹ̀: ó ti ń fi ìṣẹ́jú àáyá 385 fà sẹ́yìn. Ìyẹn ni pé òòfà nìkan ló ń fi 515 kún un, ẹni tó ti régúlétọ̀ sì ti já nǹkan bíi 410 kúrò níbẹ̀. Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ padà, kí òòfà tó mú un, bí 25 péré ni aago yẹn ń fi sáré lójúmọ́. Ara rẹ̀ le, kò nílò ẹnikẹ́ni. Ìgbà yẹn ni mo wá ṣí i, tí mo dá régúlétọ̀ padà díẹ̀díẹ̀, tí mo ń dúró kí ẹ̀rọ gbọ́ ọ dáadáa kí n tó tún fọwọ́ kàn án, títí ó fi kù sí 8. Ibi tí òòfà ti wá kò jìnnà: àpò ọwọ́ rẹ̀ ni, irú èyí tí ẹnu rẹ̀ ń lẹ̀ pọ̀ fúnra rẹ̀. Ó máa ń ju aago sínú rẹ̀ bí ó bá fẹ́ fọ ọwọ́.

Ní ti yíyọ òòfà, kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní. Ohun èlò mi jẹ́ kọ́ìlì wáyà bàbà tó ní ihò láàárín, a sì ń ti í bọ iná ilé. Iná ilé wa ń yí ojú padà ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó lọ sí apá kan, ó tún padà sí apá kejì, ní ìpo 50. Bí mo bá ki aago bọ inú ihò yẹn tí mo tẹ bọ́tìnì, òòfà inú aago á máa bá a yí: á kọjú sí àríwá, á kọjú sí gúúsù, á tún padà. Mo máa ń gbọ́ ọ bí ó ṣe ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Mi ò ní jọ̀wọ́ bọ́tìnì. Mo á máa fa aago náà jáde tààrà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, títí apá mi á fi nà tán. Ìgbà tó bá ti jìnnà tó bẹ́ẹ̀ ni mo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ìka kúrò.

Rántí jáńgílọ́fà tí ọmọdé ń gùn. Bí o bá jáwọ́ nínú títì í, á máa lọ, á máa bọ̀, á máa dín kù, títí yóò fi dúró sí àárín gbùngbùn. Fífà tí mo ń fa aago jáde nìyẹn: bí ó ṣe ń jìnnà sí kọ́ìlì, yíyí òòfà náà ń kéré sí i títí kò fi sí mọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá gbá jáńgílọ́fà mú nígbà tó ga sókè lápá kan, ibẹ̀ ni yóò dúró sí. Ẹni tó bá jọ̀wọ́ bọ́tìnì nígbà tí aago ṣì wà nínú ihò ti ṣe ohun kan náà. Ó ti fi òòfà tuntun sí i lára, ó sì lè le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nítorí èyí ni mi ò fi ń ṣe é lórí iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mo ki aago olùkọ́ kan láti Ìyàrá bọ kọ́ìlì, iná lọ pátí. Sísáré ìṣẹ́jú mẹ́fà ló gbé wá, kọ́ńpáàsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí po nígbà tí mo mú un jáde. Mo ní kó jókòó, mo ṣíná jẹnẹrétọ̀, mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì tán. Láti ọjọ́ yẹn, jẹnẹrétọ̀ tó ń dún déédéé ni mo ń lò bí ìṣesí iná kò bá dá mi lójú. Bátìrì sólà tí a so mọ́ kọ́ìlì tààrà kò lè ṣe é, torí iná rẹ̀ kì í yí ojú padà. Afi kó gba inú ínfátà kọjá.

Lẹ́yìn àkọ́kọ́, mo máa ń yí aago padà kí apá mìíràn wọ inú kọ́ìlì, mo sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ṣéènì irin ọwọ́ rẹ̀ náà máa ń bá a wọlé, torí òòfà lè fara pamọ́ síbẹ̀. Mi ò ní tẹ bọ́tìnì pẹ́ jù, kọ́ìlì máa ń gbóná. Lẹ́yìn náà, kọ́ńpáàsì: bí gbogbo ẹ̀gbẹ́ bá ti ń ṣe bákan náà sí abẹ́rẹ́, ó parí. Ẹ̀mú àti sukudíráífà mi náà ń gba inú kọ́ìlì kọjá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Bí o bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí o rí i tí súkúrù kékeré ń fò lẹ̀ mọ́ ẹ̀mú oníṣẹ́, gbé aago rẹ kí o sì máa lọ. Irin ọwọ́ rẹ̀ á fi òòfà sí ibi tí kò sí tẹ́lẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan wà fún ọ bí o bá ní aago bátìrì nílé. Má ṣe ki ìyẹn bọ kọ́ìlì. Òòfà kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń yí ọwọ́ rẹ̀, òun ni iṣẹ́ rẹ̀, o lè bà á jẹ́. Aago bátìrì tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà sábà máa ń tún ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ bí o bá gbé e kúrò níbẹ̀; o kàn máa tún àkókò rẹ̀ tò ni.

Bí a bá yọ òòfà tán tí kọ́ńpáàsì sì dákẹ́, tí aago ṣì ń sáré ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nígbà yẹn ni ọ̀rọ̀ kan ṣíṣí. Ó lè jẹ́ pé òróró kán sára síríǹgì onírun, èyí tó ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀ gẹ́gẹ́ bí òòfà ṣe ń ṣe, tàbí kí ìpo kan ti kọ́ èkejì. Fífọ̀ ni ti àkọ́kọ́, títò pẹ̀lú ẹ̀mú lábẹ́ gíláàsì ni ti èkejì. Kò sí kọ́ìlì tó lè wo ọ̀kankan nínú wọn sàn.

Nítorí náà, kí o tó gbéra wá sí Kàbà, ṣe báyìí. Lálẹ́ òní, nígbà tí rédíò bá lu aago mẹ́sàn-án, fi aago rẹ sí i gẹ́lẹ́. Lálẹ́ ọ̀la, ní wákàtí kan náà, kọ iye tó fi sáré sílẹ̀, kí o tún fi í sí ti rédíò gẹ́lẹ́, kí o ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí o sì máa wọ̀ ọ́ sọ́wọ́ bí o ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìṣírò mẹ́ta yẹn á wúlò fún mi, torí bí 14 bá di 9 di 17, òòfà ló jọ. Lọ́jọ́ Àìkú, àpò ṣòkòtò rẹ ni kí o ki aago náà sí bí o bá fẹ́ tẹ dùùrù, kì í ṣe èyí tí fóònù wà. Kí òun àti sípíkà jìnnà síra, bí gígùn apá rẹ ó kéré tán.